Omi agolo 6 tó ba mọ́ínmọ́ín wa jẹ́

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ sọ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórúkọ, èmi ni wọ́n ní kí n tún ìlànà mọ́ínmọ́ín àǹtí wa tò dáadáa, kí n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa sè é. Èmi ṣáà ni ọmọ kọ̀ǹpútà inú ilé. Àǹtí ti fi ìlànà náà ránṣẹ́ lórí Wasáàpù, gbogbo ẹ̀ nínú pàrágíráàfù kan ṣoṣo, kò síbi tó ti dúró mí. Mo tò ó. Mo ṣe àtẹ èròjà, mo to ìgbésẹ̀ ní nọ́ńbà, ó dára lójú débi pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, wọ́n sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi ìdáná. Nígbà tó di aago 10 àárọ̀, wọ́n tú mọ́ínmọ́ín àkọ́kọ́ kúrò nínú ewé, ó sì ṣàn sínú àwo bí ẹ̀kọ mímu. Wọ́n dá èyí tó kù padà sórí iná fún wákàtí kan sí i. Ó ṣì ń ṣàn.

Ẹ̀bi àǹtí kọ́, ẹ̀bi àwọn tó sè é náà kọ́. Nínú àtẹ mi, mo kọ "Omi: agolo 6". Nínú ìlànà àǹtí, kò síbi kankan tí agolo 6 wà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa rò ni pé tí wọ́n bá ní ká to ìlànà oúnjẹ sínú àtẹ, iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ ni, bí ìgbà téèyàn ń lọ aṣọ. Ọ̀rọ̀ náà ti wà níbẹ̀, ká kàn pín in sí ìlà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, mo gbà pé ìwé kíkà ni iṣẹ́ náà, kódà ó sún mọ́ iṣẹ́ láàbù ju iṣẹ́ ọ̀ṣọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ àǹtí gan-an hàn yín, kẹ́ ẹ lè rí ohun tí mò ń sọ:

> Rẹ ẹ̀wà agolo 4 kó o bó o, lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé 3 àti ata rodo 2 àti àlùbọ́sà ńlá 1, omi agolo 3 ni mo fi ń lọ̀ ọ́ kó lè kúnná, lẹ́yìn náà da omi ẹran agolo 2 sí i tó bá ti tutù, fi edé lílọ̀ ṣíbí 2 sí i, iyọ̀ níwọ̀n, màgí 2, òróró ìdajì agolo, rò ó pọ̀ dáadáa, kó o wá bù ú sínú ewé tó o ti fọ̀, fi ẹyin sísè 4 tó o ti gé àti ẹja tó o ti yọ egungun ẹ̀ sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan kó o pọ́n ọn, àmọ́ kó o tó gbé e kaná o ti gbọ́dọ̀ to igi ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò kó o bu omi agolo 3 sí i kó máa hó, sè é bíi ìṣẹ́jú 45, máa bu omi sí i tó bá ń gbẹ, tó bá jinná wàá mọ̀, má sì gbàgbé pé iyọ̀ ti wà nínú omi ẹran yẹn tẹ́lẹ̀ o.

Ẹ wo omi. Ó fara hàn lọ́nà mẹ́rin. Omi tí a fi rẹ ẹ̀wà wà níbẹ̀, kò dárúkọ ẹ̀ rárá, ṣùgbọ́n kò sí bí èèyàn ṣe lè rẹ ẹ̀wà láìsí omi. Omi agolo 3 wà tí a fi lọ̀ ọ́. Omi agolo 3 mìíràn wà ní ìsàlẹ̀ ìkòkò, tí kò ní kan ẹ̀wà lílọ̀ náà rárá, ooru rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Èyí tí a ó máa bù sí i tó bá ń gbẹ tún wà lọ́tọ̀. Èmi wá rí 3, mo tún rí 3, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, mo bá rò wọ́n pọ̀ di 6 kí àtẹ mi lè mọ́ lójú. Nínú ìgbésẹ̀, mo kọ "Lọ̀ ẹ̀wà àti ata pẹ̀lú omi", n kò sọ iye rẹ̀, nítorí mo gbà pé iye rẹ̀ ti wà lókè. Àwọn tó ń sè é wo òkè, wọ́n rí 6, wọ́n sì da 6.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Bí àǹtí ṣe wí, ẹ̀wà agolo 4 máa gba omi 3 àti omi ẹran 2, àpapọ̀ 5. Bí mo ṣe kọ ọ́, ẹ̀wà agolo 4 gba 6 àti 2, àpapọ̀ 8. Ìlọ́po 5 la sì sè lọ́jọ́ náà: ẹ̀wà agolo 20, tó yẹ kó gba nǹkan olómi agolo 25, ló wá gba 40.

Kí ló dé tí sísè fún wákàtí kan sí i kò fi tún un ṣe? Ibí ni sáyẹ́ǹsì ti wọlé. Ẹ̀wà kún fún sítáàṣì àti purotéènì. Sítáàṣì inú rẹ̀ dà bí àpò kéékèèké. Tí ooru bá ti sún mọ́ dígírì 70 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, àwọn àpò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mu omi, wọ́n á wú, wọ́n á fún ara wọn mọ́ra. Purotéènì náà á sì dì, bí funfun ẹyin ṣe ń dì. Bí wọ́n bá sún mọ́ra tó, wọ́n á di ohun kan ṣoṣo tí ọ̀bẹ lè gé. Bí omi bá pọ̀ jù láàárín wọn, wọ́n á wú tán, ọwọ́ wọn ò sì ní kan ara wọn. Ó ti jinná ní tòótọ́, kò kàn lè dì ni. Omi náà kò sì ríbi gbà jáde, torí inú ewé ló wà, ooru omi ló sì yí i ká. Téèyàn bá sè é di alẹ́, bó ṣe wà náà ló máa wà.

Nítorí náà, òfin tèmi àkọ́kọ́ rèé: ẹ má ṣe ro èròjà kan pọ̀ nínú àtẹ torí pé orúkọ wọn jọra. Bí omi bá wọlé lẹ́ẹ̀mẹta, ìlà mẹ́ta ni kó ní, kí ìlà kọ̀ọ̀kan sì sọ iṣẹ́ tó wá ṣe. Kẹ́ ẹ sì tún iye rẹ̀ kọ nínú ìgbésẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé àtúnsọ ni, kò lẹ́wà. Ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ kún fún ẹ̀wà, tó dúró ti ẹ̀rọ ìlọta, kò ráyè máa wo òkè wo ìsàlẹ̀.

Èkejì tó ń ṣini lọ́nà ni pé bí ọ̀rọ̀ ṣe tò nínú pàrágíráàfù kọ́ ni iṣẹ́ ṣe ń tò nínú ilé ìdáná. Èèyàn tó mọ nǹkan ṣe máa ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń wá sí i lọ́kàn. Àǹtí sọ ti ìkòkò lẹ́yìn tó ti pọ́n mọ́ínmọ́ín tán, ó wá fi "kó o tó gbé e kaná o ti gbọ́dọ̀" dá a padà sẹ́yìn. Ẹyin "sísè", ewé "tó o ti fọ̀", ẹja "tó o ti yọ egungun ẹ̀": iṣẹ́ odindi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àmọ́ ó sá pamọ́ sínú gbólóhùn kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ. Tẹ́ ẹ bá kàn ń gé pàrágíráàfù níbi tí kọ́mà wà, tẹ́ ẹ sì ń fún wọn ní nọ́ńbà, ẹni tó ń sè é á dé ìgbésẹ̀ keje kó tó mọ̀ pé ó yẹ kí ẹyin ti jinná láti àárọ̀.

Bí mo ṣe ń ṣe é báyìí rèé. Mo máa kà á dé òpin lẹ́ẹ̀kan láìkọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà, mo máa wá gbogbo "ti", "kó o tó", "tẹ́lẹ̀", "lẹ́yìn tí". Àwọn ọ̀rọ̀ yìí ló ń sọ fúnni pé ohun kan ti gbọ́dọ̀ ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Tí mo bá ti rí wọn, mo máa gbé iṣẹ́ tó sá pamọ́ náà jáde, kí n fi í sí àyè rẹ̀ lókè. Gbólóhùn tí àǹtí fi parí ọ̀rọ̀ ni mo fẹ́ràn jù: "má sì gbàgbé pé iyọ̀ ti wà nínú omi ẹran." Ìparí ló wà, ṣùgbọ́n ibi tó ti wúlò ni ẹ̀gbẹ́ iyọ̀. Téèyàn bá kà á lẹ́yìn tó ti da iyọ̀ sí i, ó ti bọ́ sórí.

Ọ̀rọ̀ sísè àti rírẹ yìí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí ẹ̀, torí èdè wa fún wa ní ohun tí a kì í sábà lò. "Ẹ̀wà rírẹ agolo 4" yàtọ̀ sí "ẹ̀wà agolo 4, kí a rẹ ẹ́". Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀wà tó ti mu omi la wọ̀n. Nínú ti kejì, ẹ̀wà gbígbẹ la wọ̀n. Ẹ̀wà tó bá rẹ dáadáa lè fa omi tó tó ìwúwo ara rẹ̀, ó sì máa wú. Tẹ́ ẹ bá wọn agolo 4 lẹ́yìn tí ẹ ti rẹ ẹ́, ẹ̀wà gidi tó wà níbẹ̀ máa kéré gan-an sí ti àǹtí, omi rẹ̀ kò sì ní yí padà. Ọ̀nà mìíràn sí mọ́ínmọ́ín tó ń ṣàn nìyẹn. Àǹtí kọ "rẹ ẹ̀wà agolo 4", ó túmọ̀ sí pé kó tó rẹ ẹ́ ló ti wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n "edé lílọ̀ ṣíbí 2" ló kọ, ìyẹn ni pé ó ti lọ̀ ọ́ kó tó wọ̀n ọ́n. Edé odidi ṣíbí 2, tí a bá lọ̀ ọ́, á kéré sí ṣíbí 2. Tí àtẹ yín bá ní òpó kan fún orúkọ, òpó kan fún ìwọ̀n, tí kò sí òpó tó ń sọ bí nǹkan náà ṣe wà nígbà tí a wọ̀n ọ́n, ẹ ti ju ìmọ̀ yìí nù.

Ẹ̀kẹta ni agolo fúnra rẹ̀. Àbúrò mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà bi mí pé ṣé kí n sọ agolo di ife, kó lè yé àwọn ará ọ̀hún. Mo ní rárá. Agolo mílíìkì tí àǹtí ń sọ, nǹkan bíi mílílítà 160 sí 170 ló ń gbà. Ife ìwọ̀n ti Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi 240. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó agolo kan àtààbọ̀. Tó bá lo ife fún ẹ̀wà, tó sì lo ife náà fún omi, kò séwu púpọ̀, mọ́ínmọ́ín á dì, torí ìbátan omi sí ẹ̀wà ni iṣẹ́ ń gbára lé, kì í ṣe bí ohun ìwọ̀n ṣe tóbi tó. Àmọ́ tàtàṣé ṣì jẹ́ 3, ata rodo ṣì jẹ́ 2, màgí ṣì jẹ́ 2, fún ẹ̀wà tó ti fi ìdajì pọ̀ sí i. Mọ́ínmọ́ín funfun tí kò ta, tí kò dùn, ló máa jẹ. Èyí tó sì burú jù ni kó fi agolo wọn ẹ̀wà, kó wá fi ife wọn omi, torí pé ife ló wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ìyẹn náà á ṣàn.

Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi "agolo" sílẹ̀ bó ṣe wà nínú òpó ìwọ̀n, mo wá kọ ìlà kan sábẹ́ àtẹ pé agolo mílíìkì ni, mílílítà 160 sí 170. Mo wọn ẹ̀wà agolo 4 tèmi lórí òṣùwọ̀n, ó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 550, mo sì kọ ìyẹn náà síbẹ̀, àmọ́ mo sọ pé èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ń ka àtẹ gbọ́dọ̀ lè mọ ìwọ̀n tí àǹtí sọ yàtọ̀ sí èyí tí èmi fi kún un. Tí mo bá kàn kọ "gíráàmù 550" sí àyè agolo 4, lọ́la ẹnì kan á sọ pé àǹtí máa ń lo òṣùwọ̀n, á sì máa wá bí àǹtí ṣe dé orí 550 yẹn.

Mo ti dé ibi tí mo ń lọ. Ẹ̀ṣẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́wọ́ àwa tí a ń to ìlànà oúnjẹ ni pé a kì í lè fojú rí àpótí òfìfo. Àtẹ máa ń dá wa lẹ́bi. Ìlà iyọ̀ wà, òpó ìwọ̀n wà, àpótí náà ṣófo, ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yún wá. A ó kọ "ṣíbí kékeré 1". Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti wọ inú àtẹ, ó ti di òótọ́ nìyẹn, torí pé ojú wa ti mọ́ àtẹ gẹ́gẹ́ bí ibi tí òótọ́ ń gbé. Pàrágíráàfù àǹtí jẹ́wọ́ pé òun kò mọ iye: "níwọ̀n". Àtẹ èmi wá ń parọ́ pé a mọ̀ ọ́n. Nínú láàbù, ẹni tó bá kọ nọ́ńbà tí kò wọ̀n sínú ìwé iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀rọ̀ lè di ti ilé ẹjọ́. Nínú ilé ìdáná, a ń pè é ní títún nǹkan ṣe.

Àwọn kan á ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ jàre, pé àwọn ìyá wa kò lo àtẹ rí, ọbẹ̀ wọn sì dùn. Mo gbà pé kò lo àtẹ. N kò gbà pé kò wọn nǹkan. Ojú ni òṣùwọ̀n rẹ̀, ọwọ́ ni, bí ẹ̀wà lílọ̀ ṣe ń bọ́ láti ẹnu ìgbákọ ni. Kódà àwọn òyìnbó tí a rò pé wọ́n bí àtẹ mọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ní 1845 ni Eliza Acton, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé ìdáná tó kó èròjà àti ìwọ̀n wọn jọ lọ́tọ̀, ìparí ìlànà kọ̀ọ̀kan ló sì fi í sí. Nínú ìwé Isabella Beeton tó jáde ní 1861 ni èròjà ti wá síwájú. Ní 1896 ni Fannie Farmer, ní ìlú Boston, wá tẹnu mọ́ ọn pé kí ife ìwọ̀n kún, kí a sì fi ọ̀bẹ gé ojú rẹ̀ kó dọ́gba. Ṣáájú ìgbà yẹn, pàrágíráàfù bíi ti àǹtí ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn náà.

Tí àpótí bá ṣófo, ẹ pe ẹni tó ni ìlànà. Mo pe àǹtí. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ẹja tí ẹ sọ yẹn, ṣé ẹ ti sè é kẹ́ ẹ tó fi sínú ewé ni àbí tútù ni?"

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ta ló ń fi ẹja tútù sínú mọ́ínmọ́ín? Mo máa bọ̀ ọ́ ni, kí n tó lè yọ egungun ẹ̀."

"Ó dáa, mà. Tó bá jinná, báwo lẹ ṣe ń mọ̀?"

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní àwọn máa ń mú èyí tó nípọn jù láàárín ìkòkò, àwọn á tú u, àwọn á fi ọ̀bẹ gún àárín rẹ̀. Tí ọ̀bẹ bá jáde láìsí ẹ̀wà rírọ̀ lára rẹ̀, ó ti jinná. Kí n sì jẹ́ kó sinmi kí n tó dá a lẹ́jọ́, torí gbígbóná rẹ̀ máa ń rọ̀ ju títutù rẹ̀ lọ.

Ẹ wo bí ìdáhùn yẹn ṣe pé tó. Bí mọ́ínmọ́ín bá ń tutù, àwọn òkùn sítáàṣì tó ti jáde sínú omi máa ń tún ara wọn dè, ìdí nìyẹn tó fi ń le sí i. Èyí tó nípọn jù ni ooru ń pẹ́ dé àárín rẹ̀; tí ìnípọn bá di ìlọ́po 2, àkókò tí ooru fi ń dé àárín lè sún mọ́ ìlọ́po 4. Torí náà, ìṣẹ́jú 45 kò so mọ́ iye ẹ̀wà, bí àǹtí ṣe ń pọ́n ọn ló so mọ́. Ẹni tó bá ń rọ ọ́ sínú agolo tàbí kọ́ọ̀pù ńlá kò lè gbẹ́kẹ̀ lé 45. Ká ní mo ti kọ "Sè é fún ìṣẹ́jú 45" kí n sì dúró síbẹ̀, mo ti pa àmì tó ṣe pàtàkì jù rẹ́, mo wá fi aago rọ́pò ẹ̀.

Àtẹ tuntun náà rèé:

| Èròjà | Ìwọ̀n | Bó ṣe wà nígbà tí a wọ̀n ọ́n | Ìgbésẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀wà | agolo 4 | gbígbẹ, kí a tó rẹ ẹ́ | 1 |
| Omi ìrẹ̀wà | kò sọ iye | kó bo ẹ̀wà mọ́lẹ̀ | 1 |
| Ẹyin | 4 | tútù | 2 |
| Ẹja | kò sọ iye | tútù | 2 |
| Ewé | kò sọ iye | pẹ̀lú igi rẹ̀ | 3 |
| Tàtàṣé | 3 | odidi | 4 |
| Ata rodo | 2 | odidi | 4 |
| Àlùbọ́sà | ńlá 1 | odidi | 4 |
| Omi ìlọ̀wà | agolo 3 | | 4 |
| Omi ẹran | agolo 2 | ó ti tutù | 5 |
| Edé | ṣíbí 2 | lílọ̀ | 5 |
| Màgí | 2 | | 5 |
| Òróró | ìdajì agolo | | 5 |
| Iyọ̀ | níwọ̀n | iyọ̀ ti wà nínú omi ẹran | 5 |
| Omi ìsàlẹ̀ ìkòkò | agolo 3, àti àfikún | kì í wọ inú ẹ̀wà | 6 |

1. Rẹ ẹ̀wà, bó èèpo rẹ̀ kúrò, kó o sì da omi ìrẹ̀wà nù.
2. Se ẹyin kó o gé e. Bọ ẹja kó o yọ egungun rẹ̀.
3. Fọ ewé. Gé igi rẹ̀ sọ́tọ̀, má sọ ọ́ nù.
4. Lọ̀ ẹ̀wà, tàtàṣé, ata rodo àti àlùbọ́sà pẹ̀lú omi agolo 3 títí tó fi máa kúnná.
5. Da omi ẹran tútù agolo 2 sí i, pẹ̀lú edé, màgí àti òróró. Fi iyọ̀ sí i níwọ̀n, ṣùgbọ́n rántí pé iyọ̀ ti wà nínú omi ẹran. Rò ó pọ̀ dáadáa.
6. To igi ewé sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, bu omi agolo 3 sí i, gbé e kaná kó máa hó.
7. Bu ẹ̀wà lílọ̀ náà sínú ewé, fi ẹyin àti ẹja sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, pọ́n ọn, kó o sì tò ó sórí igi ewé.
8. Dé e, sè é fún bíi ìṣẹ́jú 45. Máa bu omi sí ìsàlẹ̀ tó bá ń gbẹ.
9. Tú èyí tó nípọn jù ní àárín, fi ọ̀bẹ gún un. Tí ọ̀bẹ bá mọ́, ó ti jinná. Jẹ́ kó sinmi kó o tó jẹ ẹ́.

Ẹ óò rí i pé mo kọ "kò sọ iye" síbi tí àǹtí kò ti sọ ọ́, n kò sì tijú. Mo sì kọ "da omi ìrẹ̀wà nù", èyí tí àǹtí kò sọ. Mo bi wọ́n, wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Gbogbo ohun tó wà nínú ìgbésẹ̀ ló wà nínú àtẹ, gbogbo ohun tó wà nínú àtẹ ló sì ní nọ́ńbà ìgbésẹ̀ tó ti wọlé. Òpó ìkẹyìn yẹn kì í ṣe fún ẹni tó ń sè é, èmi tí mo ń tò ó ni mo ṣe é fún. Tí ìlà kan kò bá ní nọ́ńbà, mo ti gbàgbé láti lò ó. Tí nọ́ńbà méjì bá wà lójú ìlà kan, mo ti ro nǹkan pọ̀ tí kò yẹ kí n rò pọ̀. Ká ní mo ní òpó yẹn lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, "Omi: agolo 6" ì bá gba 4 àti 6, mo ì bá sì ti rí i.

Ewu kan ṣì kù tí àtẹ kò wò sàn, kódà òun ló ń dá a sílẹ̀. Àtẹ máa ń jẹ́ kó dà bíi pé gbogbo nǹkan inú rẹ̀ ni a lè sọ di ìlọ́po. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sè ìlọ́po 5, omi ìlọ̀wà á di agolo 15, omi ẹran á di 10, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n omi ìsàlẹ̀ ìkòkò kò gbọ́dọ̀ di 15 nínú ìkòkò kan, bí ìkòkò ṣe fẹ̀ tó ni yóò sọ iye rẹ̀. Tó bá ga ju igi ewé lọ, á wọ inú mọ́ínmọ́ín ìsàlẹ̀. Ìṣẹ́jú 45 náà kò ní di wákàtí mẹ́ta ó lé. Mo ti wá ń fi ìlà sábẹ́ àwọn èròjà tó lè di ìlọ́po, kí omi ìkòkò dá wà nísàlẹ̀.

Fún ẹ̀yin tó máa fi í ránṣẹ́ padà sórí Wasáàpù, ẹ rántí pé kì í ya àtẹ. Ìlà gbọọrọ tó kún fún ọ̀pá ló máa hàn. Níbẹ̀, èròjà kan sí ìlà kan, báyìí, ti tó:

```
Omi ìlọ̀wà: agolo 3 (ìgbésẹ̀ 4)
Omi ìkòkò: agolo 3 (ìgbésẹ̀ 6)
```

Mo fi àtẹ náà ránṣẹ́ sí àǹtí kí n tó fi sí ibikíbi. Wọ́n kà á tán, wọ́n fi ohùn ránṣẹ́. Wọ́n ní ó dáa, pé àwọn kò mọ̀ pé iṣẹ́ náà pọ̀ tó báyìí. Wọ́n wá bi mí pé kí ló dé tí mo kọ "níwọ̀n" síbi iyọ̀ tí ìyókù fi ní nọ́ńbà. Mo ní bí ẹ ṣe sọ ọ́ nìyẹn, mà. Wọ́n ní òótọ́ ni, àwọn gan-an kò mọ iye tó ń jẹ́. Wọ́n ní kí n dúró di ọjọ́ Àìkú, àwọn máa kọ́kọ́ da iyọ̀ sínú àwo kékeré, àwọn á fi ṣíbí kà á kí àwọn tó bù ú sí i.